Bónọ́ọ̀sì ọdún ò ní wọlé: báwo ni ká ṣe sọ ọ́ fáwọn òṣìṣẹ́?

Bùkọ́lá, Utako: Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mò ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ wa. Ìjọba ò tíì san owó iṣẹ́ tá a ṣe, bónọ́ọ̀sì oṣù Kejìlá ò sì ní ṣeé san. Ọ̀gá ní kí n kàn kọ ọ́ sórí Wasáàpù pé "ó máa pẹ́ díẹ̀." Kí ni kí n kọ?

Dáúdà, Kubwa: Ẹ dákẹ́ ná, kí wọ́n ṣọdún tán. Ta ló ń gbé irú ìròyìn yẹn jáde lásìkò Kérésì?

Ìyá Ìbejì, Nyanya: Dáúdà, ó jọ pé o ò tíì yáwó kọ́párétíìfù lórí bónọ́ọ̀sì rí. Ibi tí mo wà tẹ́lẹ̀ dákẹ́ títí Kérésì fi ku ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti sanwó ọkọ̀ èmi àtàwọn ọmọ lọ sí Ìlọrin, mo ti ra ìrẹsì láwìn. Ká ní wọ́n sọ ọ́ lóṣù Kọkànlá, Nyanya níbí ni ǹ bá ti ṣọdún.

Alàgbà, Garki: Bùkọ́lá, kọ́kọ́ ka lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wọn. Bí bónọ́ọ̀sì bá wà níbẹ̀, tí kò sí "bó bá wu ilé-iṣẹ́", gbèsè ni. Ẹ má sọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi pé ẹ̀ ń ta wọ́n lọ́rẹ. Kí ọ̀gá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Kí àwọn olórí ẹ̀ka gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an; bí wọ́n bá gbọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú, dírẹ́bà á ti mọ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Wasáàpù á wá tẹ̀ lé e, báyìí:

"A ò ní lè san bónọ́ọ̀sì oṣù Kejìlá. Wọn ò tíì san owó iṣẹ́ tá a parí lóṣù Kẹfà, èyí tó sì wà lọ́wọ́ wa ò kọjá owó oṣù. Owó oṣù yín á wọlé lọ́jọ́ tó máa ń wọlé. A ò tíì mọ ọjọ́ tí bónọ́ọ̀sì máa jáde. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, owó dé o, owó ò dé o, a ó tún jókòó. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti gbójú lé owó yìí. Ẹ má bínú."

Dáúdà, Kubwa: "A ò mọ ọjọ́" kẹ̀? Wọ́n á ní ọ̀gá ti ná an. Ẹ sọ pé oṣù Kejì.

Alàgbà, Garki: Bí oṣù Kejì bá dé, tówó ò dé ńkọ́? Ta ló máa gba lẹ́tà kejì gbọ́? Ọwọ́ wa ni ọjọ́ ìpàdé wà, ọjọ́ owó wà lọ́wọ́ ìjọba.

Bùkọ́lá, Utako: Ẹ ṣeun, sà. Mo ti ka lẹ́tà. Ó wà nínú tàwọn àgbà òṣìṣẹ́, kò sí nínú tàwọn dírẹ́bà. Wàhálà tó kù ni pé ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra jíìpù, iwájú ọ́fíìsì ló ń gbé e sí.

Ìyá Ìbejì, Nyanya: Háà! Kó fẹnu ara ẹ̀ dárúkọ jíìpù yẹn kí wọ́n tó bi í.

Alàgbà, Garki: Bó bá jẹ́ owó ara rẹ̀ ló fi rà á, kó sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ owó ilé-iṣẹ́, kò sí bí mo ṣe lè bá yín kọ lẹ́tà yẹn.

Dáúdà, Kubwa: Kó ṣáà máa gbé e sílé ná.