Ìgò fífọ́ lórí fẹ́ǹsì kì í ṣe àmì Èkó

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti ń sú mi. Lánàá ẹnì kan tún gbé fótò àdúgbò kan síta, fẹ́ǹsì gíga, ìgò fífọ́ lórí ẹ̀, géètì onírin dúdú, gbogbo fèrèsé ló ní bọ́gílárì, ni gbogbo èèyàn bá ń pariwo pé Èkó ni, kò lè jẹ́ ibòmíì. Ta ló sọ fún yín?

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe, ó ti lé ní ọdún 10. Bí oníbàárà bá dé, fóònù ló máa kọ́kọ́ yọ, á ní irú èyí ni mo fẹ́, fótò yẹn lè wá láti Akra, ó lè wá láti Dúbáì, èmi á sì jó o fún un n'Íbàdàn níbí. Páìpù onígun mẹ́rin yẹn náà ni wọ́n ń tà níbi gbogbo. Ìgò ńkọ́? Nígbà tí sìmẹ́ǹtì orí fẹ́ǹsì ṣì tutù ni bíríkìlà máa ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́, ìgò òfìfo kò sì náni lówó, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí i ní Mẹ́síkò àti Bràsílì náà.

Ohun tí fẹ́ǹsì ń sọ ni ìgbà tí wọ́n kọ́ àdúgbò àti owó tó wà níbẹ̀. Ẹ wá s'Íbàdàn kẹ́ẹ wò ó. Ní Bẹẹrẹ, ilé fara ti ilé, ojú ọ̀nà tààrà ni ilẹ̀kùn ṣí sí, fẹ́ǹsì wo lẹ fẹ́ mọ síbẹ̀? Ẹ tún lọ sí Bódìjà, ògiri ga ju èèyàn lọ, òkè ilé nìkan lẹ máa rí. Ìlú kan náà ni o! Ẹni tó bá fi fẹ́ǹsì mọ ìlú, á ní ìlú méjì ni.

Àwọn tó ń sọ pé "ó jọ àdúgbò wa", ó jọ ọ́ lóòótọ́, kí ló kù? Mo gbà pé àwọn irin gbọọrọ tó mú lórí tí wọ́n tò bí eyín, tó kún Gúúsù Áfíríkà, lè ranni lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn náà kò tó láti fi búra.

Fótò àná yẹn, mo fà á tóbi. Lápá òsì géètì, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró, kí wọ́n mú ìwé àṣẹ ìkọ́lé wá, lẹ́tà AMA sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ìjọba ìlú Akra nìyẹn, àwọn ló máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sára ilé tí kò gbàṣẹ. Ohun tí wọ́n kọ sógiri ló sọ̀rọ̀, ògiri fúnra ẹ̀ kò sọ nǹkan kan, torí irú géètì yẹn gan-an ni mo jó fún ẹnì kan ní Mọ́níyà lọ́dún tó kọjá.