Ìtàn ìgbésí ayé yín kọ́ ló ń jẹ́ kí àlejò tẹ Subscribe

Ẹ bi àwọn tó ní ìkànnì lórí YouTube léèrè ohun tó yẹ kó wà nínú fídíò àfihàn, ìyẹn fídíò kékeré tó máa ń wà lókè ojú ewé ìkànnì fún ẹni tí kò tíì tẹ Subscribe. Ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn máa sọ: kí àwọn èèyàn, sọ orúkọ rẹ, sọ ibi tí o ti wá àti bí o ṣe bẹ̀rẹ̀, kó o wá bẹ̀ wọ́n. Iṣẹ́ gígé fídíò ni mò ń ṣe, irú èyí ló sì ń wọlé sí mi lọ́wọ́ jù. Lógò á kọ́kọ́ máa yí po, orin á ti máa dún lábẹ́, lẹ́yìn náà la óò wá gbọ́ "ẹ kú àbọ̀ o, ẹ káàbọ̀ sórí ìkànnì wa."

Mo mọ ibi tó ti wá. Ọmọ tó bá kàn já lu ọ̀rọ̀ láì kí ará ilé, a ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ẹni tó ń dé ojú ewé yẹn ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti wo fídíò yín kan tẹ́lẹ̀, ó gbádùn rẹ̀, ló bá tẹ orúkọ yín kó lè mọ ohun mìíràn tí ẹ ní. Orúkọ yín nìyẹn gàdàgbà lókè, àwòrán yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iye fídíò tí ẹ ti ṣe náà wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ fi ìṣẹ́jú àáyá 20 sọ fún un, ó ti fi ojú kà á tán. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí yóò máa rí gbà bó bá dúró tì yín: kí lẹ máa ń ṣe, ta lẹ ń ṣe é fún, ìgbà wo ni tuntun máa ń jáde. Èyí tí fídíò náà bá fi hàn án lójú á wọ̀ ọ́ lára ju èyí tí ẹ fẹnu sọ lọ.

Ká mú aránṣọ kan ní Ìbàdàn, tó ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n á ṣe máa gé aṣọ ara wọn nílé. Fídíò àfihàn tó kọ́kọ́ ṣe gùn ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó jókòó sórí àga, ó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ níṣẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó dúró tì í. Àní aṣọ kan ṣoṣo ò hàn níbẹ̀, àfi èyí tó wọ̀ sọ́rùn.

Bí wọ́n bá gbé e fún mi, báyìí ni màá ṣe é. Ohun tí ojú máa kọ́kọ́ rí ni bùbá kan tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀ jù, tó ń yọ̀ bọ́ sí èjìká, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ sì ń fà á sókè. Ohùn aránṣọ yẹn á bọ́ sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "Ṣé ọrùn bùbá yín náà máa ń ṣe báyìí?" Kò ju ìṣẹ́jú àáyá 4 lọ, kò sí ìkíni kankan. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì, téèpù àti ṣọ́ọ̀kì, ó ń fa ilà ọrùn tuntun: "Ẹ kọ́kọ́ gé e kó kéré, kí ẹ wọ̀ ọ́ wò. A lè fẹ ọrùn sí i, a ò lè dá a padà." Àlejò ti rí nǹkan kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí, kò tíì tó ìṣẹ́jú àáyá 15. Màá wá já mẹ́ta mìíràn gé nínú àwọn fídíò tó ti ṣe tẹ́lẹ̀, kàbà, bíláòsì, ìró, kí ìkọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú àáyá 4 lọ, kí ohùn rẹ̀ máa lọ lábẹ́ wọn: "Ẹ̀yin tí ẹ ní maṣíìnì nílé tí ẹ ò tíì kọ́ṣẹ́, ẹ̀yin ni mò ń ṣe fídíò yìí fún. Aṣọ kan la máa ń gé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní gbogbo Sátidé." Ìparí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ pé Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù òun wà, kó sì ní kí wọ́n tẹ Subscribe. Gbogbo rẹ̀ ò ní pé ìṣẹ́jú kan.

Ẹ ò rí i pé ìtàn rẹ̀ kò kúrò pátápátá. Gbólóhùn kan ló gbà. Nọ́ọ̀sì tó ń sọ̀rọ̀ nípa oyún gbọ́dọ̀ sọ pé nọ́ọ̀sì ni òun, nítorí ìyẹn gan-an ni ìdí tí èèyàn fi máa gbà á gbọ́. Àmọ́ ọjọ́ tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àti ohun tí ojú rẹ̀ rí kó tó jáde, fídíò mìíràn nìyẹn.

Orin náà ń fa wàhálà tí ọ̀pọ̀ ò fura sí. Ní ti ìṣètò YouTube, wọn kì í fi ìpolówó síwájú fídíò àfihàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ki orin olórin kan tó gbajúmọ̀ bọ inú rẹ̀, tí olórin náà sì ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ìpolówó lè jáde níbẹ̀ wàyí. Àlejò tí ẹ fẹ́ fà mọ́ra á wá kọ́kọ́ pàdé ìpolówó báńkì. Ẹ mú orin látinú Audio library nínú YouTube Studio, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ìró sísọ́ọ̀sì àti maṣíìnì dá dún. Èyí kejì yìí ni èmi fẹ́ràn jù fún aránṣọ.

Bí ẹ bá ti gbé e sókè tán, ẹ wọ Customization nínú Studio, kí ẹ yàn án síbi tí wọ́n kọ "Channel trailer for people who haven't subscribed" sí. Àyè mìíràn wà nítòsí rẹ̀ fún àwọn tó ti tẹ Subscribe, ẹ má fi fídíò kan náà sí méjèèjì. Ẹ má sì fi ojú onílé yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ṣí New Incognito window, kí ẹ wọ ìkànnì yín bí àjèjì, ẹ óò rí ohun tí àjèjì ń rí.

Kí ló máa wá sọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́? Ẹ má wo iye ìgbà tí wọ́n wò ó, nítorí lórí kọ̀ǹpútà ó máa ń dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, yálà wọ́n bèèrè tàbí wọn ò bèèrè. Ìdí kan náà ni ìlà tó ń fi hàn bí wọ́n ṣe ń dúró wò ó nínú Analytics fi máa ń já wálẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kíyẹn bà yín lẹ́rù. Jíjá kejì ni kí ẹ wá. Bí ó bá jábọ́ ní kété tí aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí sọ ti ara rẹ̀, gbólóhùn yẹn ni kí ẹ gé kúrò. Ẹ fi Traffic source yan Channel pages nìkan kí ẹ tó kà á, kí àwọn tó wá láti ibòmíràn má bàa da ìlà náà rú.

Ohun kan kù tí àwọn oníbàárà mi kì í fẹ́ gbọ́. Bí ẹ bá wo Subscription source, ó wọ́pọ̀ kí èyí tí wọ́n pè ní YouTube watch page ju Your YouTube channel lọ, torí lábẹ́ fídíò tó dùn mọ́ èèyàn ló ti ń tẹ Subscribe, kì í tíì dé ojú ewé ìkànnì rárá. Nítorí náà, ẹ má fi oṣù kan ṣe fídíò àfihàn. Èyí tí ẹ já gé látinú iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe ní ọ̀sán kan ti tó, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí aránṣọ yẹn bá fi bùbá sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní agbádá.