Ẹ yé ka "ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún" fún olùdókòwò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún gbọ́ tí ẹnì kan ń kọ́ àwọn oníṣòwò tuntun pé: "Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé àwa ọmọ Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 200. Bó bá jẹ́ ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún lẹ rí mú, owó ti dé nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Òun gan-an ló ń ba ìṣẹ́jú 5 tí wọ́n ń fún èèyàn níwájú olùdókòwò jẹ́.

Ìdá kan yẹn jẹ́ mílíọ̀nù 2 èèyàn. Ta ni wọ́n? Ta ló máa lọ bá wọn, èló ló sì máa ná yín kí ẹnì kan ṣoṣo tó rà? Iye náà ò dáhùn ìkankan. Mílíọ̀nù 200 ọ̀hún fúnra rẹ̀, àfojúbù ni, torí ọdún 2006 la ka èèyàn kẹ́yìn nílẹ̀ yìí.

Iye tó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn lọ kà: oníbàárà mélòó, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀, èló lẹ́ẹ̀kan. Ká mú ẹnì kan tó fẹ́ máa háyà kíréètì oníke fún àwọn alátòmátì ní Máìlì 12. Iye owó tí màá lò, mo fi ṣe àpẹẹrẹ ni. Ẹ lọ wádìí tiyín.

Ìṣẹ́jú kìíní ni ti ìṣòro, kò sì gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tòmátì ń ti Kánò bọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ ọ̀pá, wọ́n tò ó lé ara wọn nínú tírélà. Ti òkè ń tẹ ti ìsàlẹ̀, nígbà tó bá fi máa dé Èkó, omi pupa ti ń ro nídìí apẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ iye apẹ̀rẹ̀ tí alátòmátì kan ń gbà lọ́sẹ̀, kí ẹ sọ èló ló ń pàdánù níbẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹni tó bá ń ṣàlàyé ebi Áfíríkà níbí, àyè tó yẹ kó fi béèrè owó ló ń jẹ.

Ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ni ti ọjà tí ẹ fẹ́ tà. Ẹ gbé kíréètì kan dání. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé kíréètì tó wà lókè, kì í ṣe tòmátì. Háyà rẹ̀ jẹ́ ₦300 fún ìrìnàjò kan.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ka ìdá kan ló wá kàn yìí. Ẹ ní ẹ ti ka alátòmátì ńlá 400 lọ́jà náà, pé ẹnì kọ̀ọ̀kan á lo kíréètì 50 lọ́sẹ̀. Ní ₦300, mílíọ̀nù 6 náírà lọ́sẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún kìíní, 40 nínú wọn lẹ ń wá, ìyẹn kíréètì 2,000 àti ₦600,000 lọ́sẹ̀. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n olùdókòwò lè lọ sọ́jà lọ́la kó lọ wò ó bóyá òótọ́ ni.

Òun náà ló ń bí iye owó tí ẹ ń béèrè, ohun tí ìdá kan ò lè ṣe láéláé nìyí. Kíréètì ń lo ọ̀sẹ̀ kan lójú ọ̀nà àti lọ́jà, ó tún ń lo ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, kó sì padà sí Kánò. Nítorí náà, 2,000 lọ́sẹ̀ ń béèrè kíréètì 4,000. Tí ọ̀kan bá jẹ́ ₦6,000, ó di mílíọ̀nù 24. Ẹ fi mílíọ̀nù 3 sí i fún 500 tó máa sọnù tàbí fọ́. Fífọ̀, ìdápadà àti owó oṣù jẹ́ ₦350,000 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 26, ó di ₦9,100,000. Gbogbo rẹ̀, ₦36,100,000. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì sọ bóyá ẹ̀yáwó ni tàbí ìpín nínú ilé-iṣẹ́. Ẹni tó bá ní "nǹkan bíi mílíọ̀nù 50" kì í rí èsì fún "kí ló dé tí kì í ṣe 30?"

Mo gbà pé àwọn àjọ olùdókòwò ńlá fẹ́ rí ibi tí òwò lè gbòòrò dé. Gbólóhùn kan tó fún ìyẹn: lẹ́yìn Máìlì 12, Bódìjà ní Ìbàdàn ló kàn, nítorí tòmátì Òkè Ọya ń dé ibẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ẹ tó lọ, ẹ fi fóònù ka àkókò bí ẹ ti ń sọ ọ́ sókè. Bí ìṣẹ́jú 3 àtààbọ̀ bá kọjá tí ẹ ò tíì dárúkọ owó tí ẹ ń wá, apá ìṣòro ni kí ẹ gé. Kí orúkọ alátòmátì 40 náà àti nọ́ńbà ìsọ̀ wọn wà lọ́wọ́ yín nínú bébà, nítorí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.