Àgbádárìgì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rí: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí A Wọn Ohun Tí Títi Ẹnubodè Ṣe

Oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ wa, Sẹ̀mẹ̀ sì wà lára wọn. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé kí wọ́n ṣí i padà. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nílẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ẹni tó ń ná ọjà Agbálátà lè sọ pé títì yẹn ló gba oúnjẹ lẹ́nu òun, ẹlòmíràn lè dá a lóhùn pé àrùn kòrónà ni, tàbí ọ̀nà márosẹ̀ tí a ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá sì fara mọ́ ìgbésẹ̀ ìjọba lè sọ pé bí ìlú ì bá ti rí náà nìyẹn, ẹnubodè ì báà ṣí sílẹ̀. Èrò wa ni pé ìjọba kò gbọdọ̀ gba ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbọ́, kò sì gbọdọ̀ kọ ọ̀kan, títí tí yóò fi wọn ohun tí títì náà ṣe ní ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn lè yẹ̀ wò. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ti ń lò ó fún irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an, níbi tí òfin kan ti bá agbègbè kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí àwọn ìṣirò tó wọ́pọ̀ kò fi tó. Bí a bá fi Àgbádárìgì ọdún 2020 wé Àgbádárìgì ọdún 2018, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méjèèjì ni a ó dì ru ẹnubodè, títí kan kónílé-ó-gbélé tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí Oṣù Kẹta ọdún 2020. Bí a bá sì wá ìlú kan ṣoṣo láti fi wé e, ìlú wo ni yóò jẹ́? Ìkòròdú ní ilé-iṣẹ́ àti èrò tí Àgbádárìgì kò ní. Ẹ̀pẹ́ jọ ọ́ ní ti ọ̀sà àti ẹja, ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn kan náà ni wọ́n ń kọ́ ilé ìfọpo àti èbúté òkun ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, tó múlé gbè é, owó àti òṣìṣẹ́ sì ń rọ́ lọ sí ìhà ibẹ̀. Ẹni tó bá yan Ìkòròdú lè rí ìdáhùn kan, ẹni tó bá yan Ẹ̀pẹ́ lè rí òmíràn, kálukú yóò sì yan èyí tó bá ti inú rẹ̀ mu.

Ìbéèrè tó tọ́ ni pé: báwo ni Àgbádárìgì ì bá ṣe rí ká ní wọn kò ti Sẹ̀mẹ̀? Ẹnikẹ́ni kò rí Àgbádárìgì yẹn, nítorí kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè fi àwọn ìlú mìíràn kó o jọ, kí a bu ìpín díẹ̀ lára èyí, ìpín díẹ̀ lára tọ̀hún, títí àdàpọ̀ náà yóò fi rìn bí Àgbádárìgì gan-an ṣe rìn ní gbogbo ọdún tó ṣáájú títì. Lẹ́yìn títì, a ó máa wo bí Àgbádárìgì àkópọ̀ yìí àti Àgbádárìgì tòótọ́ ṣe ń jìnnà síra. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní sìntẹ́tíìkì kọ́ntíróòlù. Àwa yóò pè é ní àfiwé àkópọ̀.

Iṣẹ́ tó mú un gbajúmọ̀ jù lọ ni èyí tí Alberto Abadie, Alexis Diamond àti Jens Hainmueller gbé jáde ní ọdún 2010 lórí ìpínlẹ̀ Kalifóníà ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1988, àwọn olùdìbò ibẹ̀ fọwọ́ sí òfin kan tó fi sẹ́ńtì 25 kún owó orí páàkẹ́ẹ̀tì sìgá kọ̀ọ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1989. Sìgá tí wọ́n ń tà níbẹ̀ dín kù lẹ́yìn òfin náà, àmọ́ ó ti ń dín kù tẹ́lẹ̀, ó sì ń dín kù káàkiri Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1988 fúnra rẹ̀, kí òfin tó bẹ̀rẹ̀, Kalifóníà ń ta nǹkan bí páàkẹ́ẹ̀tì 90 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún, nígbà tí ìpíndọ́gba àwọn ìpínlẹ̀ 38 tí wọ́n fẹ́ fi wé e jẹ́ 114. Ẹni tó bá fi ìpíndọ́gba yẹn wé Kalifóníà ti ṣìnà kó tó gbéra, nítorí àlàfo ńlá ti wà láàárín wọn kí òfin tó dé.

Dípò ìyẹn, wọ́n wá ìpín tí yóò mú kí àdàpọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ náà jọ Kalifóníà láti ọdún 1970 sí 1988, ní ti iye sìgá tí wọ́n ń tà àti ní ti àwọn ohun tó ń darí rẹ̀: iye tí sìgá jẹ́, owó tó ń wọlé fún ará ìlú, bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe pọ̀ tó, àti ọtí bíà tí wọ́n ń mu. Òfin méjì ni ìpín wọ̀nyí kò gbọdọ̀ rú: kò sí èyí tó lè lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ pé 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí ni pé a kò fẹ́ kí ìṣirò hùmọ̀ ìlú tó kọjá ohun tí ẹ̀rí fi hàn. Nínú ìpínlẹ̀ 38, márùn-ún péré ló rí ìpín gbà: Yútà 33.4 nínú ọgọ́rùn-ún, Nẹ̀fádà 23.4, Mọ̀ntánà 19.9, Kòlórádò 16.4, Kọ̀nẹ́tíkọ́ọ̀tì 6.9. Sìgá tí Kalifóníà àkópọ̀ yìí tà ní ọdún 1988 sún mọ́ páàkẹ́ẹ̀tì 92, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 90 ti Kalifóníà tòótọ́ mu. Lẹ́yìn òfin ni ọ̀nà àwọn méjèèjì wá yà, àlàfo náà sì ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún, títí ó fi tó nǹkan bí páàkẹ́ẹ̀tì 26 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọdún 2000.

Ohun tí a fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà ni pé wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n mú ìpínlẹ̀ 38 tí kò ṣe òfin yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣe bí ẹni pé òun ló ṣe é, wọ́n sì ṣe ìṣirò kan náà fún un. Bí ìpínlẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan bá lè ní àlàfo tó tó ti Kalifóníà, a jẹ́ pé àlàfo ti Kalifóníà kò fi dandan jẹ́ ẹ̀rí. Fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi àṣìṣe ìṣirò náà lẹ́yìn òfin wé àṣìṣe rẹ̀ ṣáájú òfin. Ti Kalifóníà jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 130, kò sì sí ìkankan nínú àwọn 38 yòókù tó tó o. Ìyẹn ni pé bí a bá ní kí a fi ojú dídì mú ọ̀kan nínú àwọn 39, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú 39 ni ọwọ́ wa lè bọ́ sórí àlàfo tó tó bẹ́ẹ̀. Ìdánwò adíbọ́n yìí ni a fẹ́ kí gbogbo ìròyìn ìjọba lórí ẹnubodè là kọjá.

Bí a bá gbé e wá sí Àgbádárìgì, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti pinnu àwọn tí yóò wà nínú agbo àfiwé. A fara mọ́ ọn pé kí ó jẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn, nítorí àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì yìí, pẹ̀lú Àbújá, ni kónílé-ó-gbélé ìjọba àpapọ̀ dé bá. Ìyà kan náà tó jẹ Àgbádárìgì yóò ti wà nínú àdàpọ̀ náà, kò sì ní jọ iṣẹ́ ẹnubodè. Ṣùgbọ́n Ìpókíá, níbi tí Ìdírókò wà, kò gbọdọ̀ wọ inú agbo náà, bẹ́ẹ̀ náà ni Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n, nítorí wọ́n ti ẹnubodè tiwọn náà. Ọ̀jọ́, tí ọjà Sẹ̀mẹ̀ ń gbà kọjá kó tó wọ Èkó, yẹ kó jáde pẹ̀lú, àti Ẹ̀pẹ́ àti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí nítorí ohun tí a ti sọ ṣáájú. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyẹn náà yọ àwọn ìpínlẹ̀ tó gbé owó orí sìgá ga gidigidi láàárín àkókò náà kúrò.

Lẹ́yìn náà ni ohun tí a fẹ́ wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ pé iye tí àpò ìrẹsì jẹ́ ni kí a wọ̀n, a kò sì gbà. Nígbà tí wọ́n ti Sẹ̀mẹ̀, ìrẹsì gbówó lórí ní Ìkòròdú àti Ṣàgámù náà, nítorí ìrẹsì tó ń gba ẹnubodè wọlé kò mọ sí Àgbádárìgì nìkan. Bí ìlú tí a fi ń ṣe àfiwé bá ti jẹ nínú ìyà náà, àlàfo yóò kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ẹnìkan yóò sì fi ìyẹn kéde pé kò sí ìpalára. Ohun tó bá jẹ́ ti ìlú kọ̀ọ̀kan ni kí a wọ̀n: owó ìsọ̀ tó ń wọlé lóṣooṣù, tàbí ìmọ́lẹ̀ alẹ́ tí sátẹ́láìtì ń yà láti òkè, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní oṣù-oṣù wà láti Oṣù Kẹrin ọdún 2012. Láti ìgbà náà sí Oṣù Keje ọdún 2019 jẹ́ oṣù 88, ó sì tó láti fi dán àdàpọ̀ wò. Ìmọ́lẹ̀ náà ní àléébù tirẹ̀. Ìkùukùu ìgbà òjò máa ń bò ó mọ́lẹ̀, àti pé ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àwọn aṣọ́bodè pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Bí jẹnẹrétọ̀ bá dákẹ́ nítorí àìsí epo, òkùnkùn tí sátẹ́láìtì rí kì í ṣe ti títì nìkan mọ́. Ti àṣẹ méjèèjì pọ̀ ni, ẹni tó bá sì kọ ìròyìn gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Ibì kan wà tí ọ̀nà yìí lè kùnà pátápátá. Nínú iṣẹ́ Kalifóníà, Níú Hámṣíà ló ń ta sìgá jù lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún ṣáájú òfin, nítorí náà kò sí àdàpọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ yòókù tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: bí gbogbo ohun tí a dà pọ̀ bá kéré sí ohun kan, àdàpọ̀ wọn kò lè tó o. Àgbádárìgì lè rí bẹ́ẹ̀ bí a bá lọ wọn òwò ẹnubodè fúnra rẹ̀. A ó mọ̀ bí ìlà méjèèjì kò bá rìn pọ̀ ṣáájú Oṣù Kẹjọ ọdún 2019. Bí wọn kò bá sì rìn pọ̀, kí a jáwọ́, kí a má sọ iye kankan fún ará ìlú. Bákan náà, bí ìjọba ìbílẹ̀ 19 péré bá ṣẹ́kù nínú agbo lẹ́yìn tí a yọ àwọn tó yẹ, ẹ̀rí tó lágbára jù tí a lè rí ni ọ̀kan nínú 20, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ bí ẹni pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, a ń béèrè pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ orúkọ àwọn tí yóò wà nínú agbo àfiwé àti àwọn tí yóò jáde, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kí ó sì gbé e síta kí ẹnikẹ́ni tó fojú kan èsì, torí pé ẹni tó bá ti rí èsì lè máa yọ ìlú kan, kí ó máa fi òmíràn kún un, títí iye tó wù ú yóò fi jáde. Kí ó gbé ìpín ìlú kọ̀ọ̀kan síta, kí ará Ìkòròdú lè rí i pé ìlú òun kó ipa mélòó nínú Àgbádárìgì àkópọ̀, kí ó sì sọ bóyá ó bọ́gbọ́n mu. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Àgbádárìgì sì kó ìwé owó ìsọ̀ ọjà Agbálátà jáde ní oṣù-oṣù, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó pẹ́ jù lọ tí ó ní lọ́wọ́, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó kù nínú agbo sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjà tiwọn.