"Ilé-iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni mò ń ra ìpín rẹ̀"

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Wàǹdó, níbí ní Àjàṣẹ́, kò gbà pé kéèyàn ra àpò àpapọ̀, ìyẹn àpò tó ń ra díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́jà ìpín láì ṣa ọ̀kan. Ó ní, "Ta ló ń ra ẹ̀wà tòun ti òkúta inú rẹ̀? Èyí tí mo mọ̀ ni mò ń rà." Ọ̀pọ̀ wa ló gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà á, àfìgbà tí mo jókòó ṣírò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá, ká fi 10,000 sẹ́fà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ogún ọdún, mẹ́ta ti kógbá sílé, owó wọn ti lọ. Mẹ́rin ṣì wà ní 10,000. Méjì ti di 20,000. Ọ̀kan ṣoṣo di 200,000. Ẹni tó ra gbogbo wọn kó 280,000 nídìí 100,000. Ẹni tó kó 100,000 rẹ̀ lé ẹyọ kan ńkọ́? Nínú mẹ́wàá náà, mẹ́sàn-án ni kò ní jẹ́ kó rí 280,000, títí kan àwọn méjì tó ṣe dáadáa.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi dá àpẹẹrẹ yìí, àmọ́ bí ọjà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hendrik Bessembinder yẹ nǹkan bí 26,000 ìpín Amẹ́ríkà wò, láti 1926 dé 2016. Ó ju ìdajì wọn lọ tí èrè wọn kò tó ti ìwé gbèsè ìjọba olóṣù kan. Bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún wọn péré ló gbé gbogbo èrè tí ọjà náà fi ju ti ìwé gbèsè ìjọba lọ. Ẹni tó bá fo àwọn díẹ̀ yẹn, ó ti fo ọjà.

Ẹ̀gbọ́n á ní òun mọ èyí tó dára. Kò burú, ṣùgbọ́n àwọn tó ń nájà ìpín ní Àbíjàn náà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti mú kí iye rẹ̀ ga. Kò sẹ́ni tó ń ta iṣu tó jinná dáadáa ní iye iṣu tó kẹ̀.

Owó tí àwọn tó ń bójú tó àpò ń yọ lọ́dọọdún ló wá ń jẹni lábẹ́lẹ̀. Ká ní mílíọ̀nù kan ń mú 7% wá lọ́dún. Bí wọ́n bá ń yọ 2%, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ó di nǹkan bí 4,320,000. Bí ó bá jẹ́ 0.2% ni wọ́n ń yọ, ó tó 7,200,000. Ẹ wo ọ̀nà tó jìn síra.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ. BRVM, ọjà ìpín tó wà ní Àbíjàn, kò ní tó àádọ́ta ilé-iṣẹ́, Sonatel, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti Sẹ̀nẹ̀gà, sì wúwo púpọ̀ nínú rẹ̀. Àpò tó tẹ̀ lé ọjà yẹn nìkan kò gbòòrò. Èyí tí mò ń sọ kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-iṣẹ́ jákèjádò ayé mọ́ra. Òun náà máa ń wó: ní 2008, S&P 500, ìyẹn àkójọ nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà, pàdánù 37%. Owó ilé-ìwé ọmọ ọdún tó ń bọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọbẹ̀.

Mo bi ẹ̀gbọ́n iye tó jẹ lérè láti ọdún mẹ́fà tó ti ń ṣà á. Ó ní kí n jẹ́ kí òun wo ìwé òun. Ó di oṣù mẹ́ta báyìí.