Ẹ̀wà tó rọ̀ lè má tíì jinná

Àwọn kan máa ń sọ pé: "Ẹ̀wà pupa ńláńlá tó rí bíi kíndìnrín yẹn ò nílò gáàsì. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi gbígbóná lé e nínú kúlà, ẹ dé e pa. Tó bá ti rọ̀, ẹ máa jẹ."

Ẹ jọ̀ọ́, rírọ̀ yàtọ̀ sí jíjinná. Purotéènì kan wà nínú ẹ̀wà yìí tó ń jẹ́ lẹ́kítínì, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìfun. Hóró mẹ́rin sí márùn-ún ní tútù ti tó láti mú èèyàn ṣàìsàn. Omi tó ń hó ló ń pa agbára rẹ̀. Omi inú kúlà kì í hó, ṣe ló ń tutù lọ. Ooru bíi 80 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì tiẹ̀ lè mú kí oró náà le ju ti tútù lọ.

Àbúrò mi kan ní Òkè-Fìà dán irú rẹ̀ wò. Aago méjì ló jẹun. Kó tó di mẹ́rin, ó ti ń bì, ìgbẹ́ gbuuru sì tẹ̀ lé e. Lálẹ́, ara ti balẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: wákàtí 1 sí 3 ló fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 5 ó kéré tán, ẹ da omi yẹn nù. Ẹ fi omi tuntun gbé e kaná. Ìgbà tí omi bá ń hó gan-an ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wo aago: ìṣẹ́jú 10 ló kéré jù, 30 ló fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lè dín iná kù títí yóò fi rọ̀.

Ti inú agolo ti jinná tẹ́lẹ̀ ní tirẹ̀.