Oògùn ojú ló mú kí ìlù ọkàn bàbá mi falẹ̀

“Bí ọkàn bá ń lù ní ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú kan, ara eléré ìdárayá nìyẹn.”

Ẹ̀gbọ́n tó sọ èyí, kì í ṣe gbogbo ìgbà o. Tí sárésáré bá gun àtẹ̀gùn, ọkàn rẹ̀ á yára kíá, òòyì ò ní kọ́ ọ. Ti bàbá mi, ẹni ọdún 71, ń lù ní ìgbà 38 ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n gun àtẹ̀gùn, kò ju 41 lọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n dákú sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Dókítà ní ká kó gbogbo oògùn wọn wá. Àṣé tímólọ́ọ̀lù tí wọ́n ń kán sójú nítorí àìsàn ojú gilakómà ni! Ó máa ń gba ojú wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè mú kí ìlù ọkàn falẹ̀. Bàbá mi ò tiẹ̀ kà á mọ́ oògùn. Dókítà pààrọ̀ rẹ̀, ìlù ọkàn wọn padà sí 64.